Eku méje nínú abọ́ kan: bí búùtùsíràpù ṣe ń fa ààlà, àti ìdí tí ààlà yẹn fi máa ń tín-ín-rín jù tí sáńpù bá kéré

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò détà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi búùtùsíràpù, ìyẹn fífa nọ́ńbà jáde léraléra látinú détà tó wà lọ́wọ́ ẹni, wá ààlà fún nọ́ńbà tó wà láàrin gbùngbùn détà ẹ̀, ó ti sú u, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rọ́ọ̀nù ẹ̀ ní ìgbà 1,000, ó fún mi ní 23 sí 141, mo rọ́ọ̀nù ẹ̀ ní ìgbà 1,000,000, 23 sí 141 náà ló tún fún mi, ààlà yẹn ò dín, kò pọ̀, ṣé kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣe wèrè ni àbí èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe?"

Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, òun náà ò sì ṣi iṣẹ́ ṣe. Nọ́ńbà 7 péré ló ní lọ́wọ́, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ohun tó sì yẹ kó kó ìdààmú bá a gan-an kò tíì rí i, torí ààlà tí wọ́n ní ó jẹ́ ti 95 nínú 100 yẹn, kì í ṣe 95 rárá. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù títí bátìrì fi kú, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dàrú mọ́ lójú.

Détà tó ń lò, détà tó lórúkọ ni. Efron àti Tibshirani ló fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí búùtùsíràpù ní 1993. Eku 16 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n wá yan 7 nínú wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n fún àwọn 7 yẹn ní ìtọ́jú kan tí wọ́n rò pé ó lè jẹ́ kí ẹ̀mí wọn gùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn 9 tó kù ò gba nǹkan kan, wọ́n sì ń ka iye ọjọ́ tí eku kọ̀ọ̀kan lò kó tó kú. Àwọn 7 tó gba ìtọ́jú lo ọjọ́ 94, 197, 16, 38, 99, 141, àti 23.

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n láti kékeré lọ sí ńlá: 16, 23, 38, 94, 99, 141, 197. Tí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ bí eku wọ̀nyí ṣe pẹ́ sí, ẹ lè lo áfírééjì, ìyẹn 86.86, ṣùgbọ́n eku kan tó lo ọjọ́ 197 yẹn ń fa áfírééjì náà lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Ẹ sì lè lo mídíánì, ìyẹn nọ́ńbà tó wà láàrin gbùngbùn lẹ́yìn tí ẹ ti tò wọ́n tán, ó jẹ́ 94, àwọn 3 ló kéré jù ú lọ, àwọn 3 ló ju ú lọ. Kódà ká ní eku tó pẹ́ jù yẹn lo ọjọ́ 500, mídíánì ò ní kúrò lórí 94. Torí ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn ẹ̀ fún irú détà báyìí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyí. Ká ní ẹlòmíì tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú eku 7 mìíràn, ó ṣeé ṣe kó má bọ́ sórí 94 gangan, ó lè jẹ́ 60, ó lè jẹ́ 110, ohun tí a sì fẹ́ mọ̀ ni pé báwo ni nọ́ńbà yìí ṣe lè yẹ̀ tó. Fún áfírééjì, fọ́múlà wà, fọ́múlà kúkúrú tí wọ́n ń kọ́ wa ní ọdún kìíní yunifásítì, ẹ ó mú bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó, ẹ ó pín in sí gbòǹgbò iye eku, ó parí, fún eku 7 yìí ó jẹ́ 25.24. Fún mídíánì kò sí irú ẹ̀. Fọ́múlà kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè lò ó ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí àwọn eku gbogbo ayé, kì í ṣe 7 yìí nìkan o, ṣe kóra jọ tó ní àyíká mídíánì wọn, ta ló wá mọ ìyẹn nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà 7 ló wà lọ́wọ́ ẹ? Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàrin 38 àti 94. Ká ní eku kan ṣoṣo nínú àwọn tó pẹ́ ti kú ní ọjọ́ kẹwàá ni, mídíánì á já láti 94 sí 38 lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́múlà wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Ní 1979 ni Bradley Efron ní Yunifásítì Stanford gbé ọ̀nà kan jáde tó rọrùn débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ó ní, a ò lè padà lọ kó eku 7 mìíràn, owó ò sí, àyè ò sí, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé eku 7 tó wà lọ́wọ́ wa yìí ni gbogbo eku tó wà láyé, ká wá máa fa sáńpù, ìyẹn eku 7 lẹ́ẹ̀kan, jáde látinú wọn léraléra, ká máa wo bí mídíánì ṣe ń yí. Búùtùsíràpù ló pe orúkọ ẹ̀, okùn ẹ̀yìn bàtà tí wọ́n fi ń fà á wọ̀ ni orúkọ yẹn ti wá, torí àwọn Òyìnbó máa ń sọ̀rọ̀ ẹni tó di okùn bàtà ara ẹ̀ mú tó sì fi gbé ara ẹ̀ sókè.

Kí n tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é, mo fẹ́ kí ẹ rí i pẹ̀lú ojú. Ẹ gé bébà kéékèèké 7, ẹ kọ nọ́ńbà eku kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ká wọn, ẹ dà wọ́n sínú abọ́. Bí mo ṣe ṣe é nílé nìyẹn, abọ́ ike tí a fi ń bu gaàrí ni mo lò, ọmọ mi obìnrin ló ń mú bébà, èmi ń kọ ọ́. Ó mú àkọ́kọ́, 38 ni. Mo ní kó dá a padà, kó ro abọ́, kó mú òmíràn. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, kí ló dé tí mo fi ń dá a padà, mo ti mú un tẹ́lẹ̀ kẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀nà yìí dúró lé. Tí kò bá dá a padà, lẹ́yìn tó bá mú ẹ̀ẹ̀meje, gbogbo bébà 7 náà ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, mídíánì á jẹ́ 94, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, 94, ó ṣe é títí di ọdún tó ń bọ̀, 94 ni, kò sí nǹkan tó ń yẹ̀, a ò sì kọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó bá ń dá a padà ni eku kan lè jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí òmíràn ò sì ní jáde rárá, bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà tí wọ́n kó eku lóòótọ́, irú eku tí kì í pẹ́ lè pọ̀ nínú èyí tí wọ́n kó lónìí, ó sì lè má sí nínú ti ọ̀la.

Ó mú ẹ̀ẹ̀meje, dídá padà ni gbogbo ẹ̀: 38, 99, 99, 16, 94, 141, 38. A tò ó, mídíánì jẹ́ 94. Ó tún mú ẹ̀ẹ̀meje mìíràn: 23, 23, 197, 38, 16, 38, 141, mídíánì bọ́ sí 38. Ìgbà kẹta: 99, 141, 99, 94, 197, 23, 141, ó di 99. Ó sú u lẹ́yìn ìgbà kẹwàá, ó dìde lọ, mi ò bá a wí.

Kọ̀ǹpútà ni kì í sú. Èyí ni mo fún àbúrò mi, Python ni:

```python
import numpy as np
rng = np.random.default_rng(7)
eku = np.array([94, 197, 16, 38, 99, 141, 23])
med = np.median(rng.choice(eku, size=(10000, 7)), axis=1)
print(med.std(), np.quantile(med, [0.025, 0.975]))
```

Láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un, `rng.choice` máa ń dá bébà padà fúnra ẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó máa tẹ̀ jáde á wà ní àyíká 38, ìyẹn ni ìwọ̀n bí mídíánì ṣe ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn, ohun tí fọ́múlà kọ̀ láti fún wa. Lẹ́yìn náà ló máa tẹ 23 àti 141, ìyẹn ààlà ìdánilójú.

Báwo ló ṣe rí 23 àti 141 yẹn? Ọ̀nà tó rọrùn jù ni. Ẹ kó gbogbo mídíánì 10,000 tó jáde, ẹ tò wọ́n láti kékeré lọ sí ńlá, ẹ gé ìdá 2.5 nínú 100 kúrò nísàlẹ̀, ẹ gé ìdá 2.5 kúrò lókè, ibi tí ọ̀bẹ bá dúró sí ní apá méjèèjì ni ààlà yín.

Ti eku yìí tún ní adùn kan tí ọ̀pọ̀ détà ò ní, a lè ṣírò gbogbo ẹ̀ pátápátá láìfa bébà kankan. Ẹ̀ẹ̀meje la mú bébà, bébà 7 ló wà nínú abọ́, ọ̀nà tó lè gbà jáde jẹ́ 7 lọ́nà 7 lẹ́ẹ̀meje, ìyẹn 823,543. Torí pé 7 kì í ṣe nọ́ńbà tí a lè pín sí méjì dọ́gba, mídíánì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú nọ́ńbà 7 tó wà lórí bébà, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Nínú 100, bíi 31 á jẹ́ 94, bíi 24 á jẹ́ 38, bíi 24 á jẹ́ 99, 23 àti 141 á ní bíi 10 bíi 10, 16 àti 197 á ní ẹyọ kan ẹyọ kan. Ẹ wá gbé ọ̀bẹ: ẹ fẹ́ gé 2.5 nísàlẹ̀, 16 ní 1 péré, ẹ gé e tán kò tíì tó, ọ̀bẹ wọ inú 23, ó dúró síbẹ̀. Bákan náà ló rí lókè, 197 lọ, ọ̀bẹ dúró sórí 141.

Ẹ ti rí ìdí tí mílíọ̀nù kan ò fi yí nǹkan kan padà fún àbúrò mi. Rírọ́ọ̀nù tó pọ̀ kàn ń mú wa sún mọ́ àwọn ìpín tí mo kà sílẹ̀ yẹn ni, ó ń pa ariwo fífà bébà rẹ́, tó bá ti dé ìgbà 2,000 sí 10,000 ariwo yẹn ti lọ tán fún irú iṣẹ́ yìí. Kò lè fi bébà kẹjọ sínú abọ́. Mo ti rí àwọn tó kọ "a ṣe é ní ìgbà 100,000" gàdàgbà sínú iṣẹ́ wọn bí ẹni pé ìyẹn ló máa dípò iye eku, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹni tó ń kà á á rò pé détà yẹn lágbára.

Ó kú ibi tí mo ní kó yẹ kó dààmú sí. Kí ni 95 yẹn ń ṣèlérí? Kì í ṣe pé mídíánì òótọ́ fẹ́ máa rìn kiri, kó wà láàrin 23 àti 141 fún ìgbà 95. Mídíánì òótọ́ ti gbogbo eku tó lè gba ìtọ́jú yìí, ojú kan ló wà, àwa ni a ò mọ̀ ọ́n. Ìlérí náà wà lọ́rùn ọ̀nà tí a fi ń fa ààlà: tí àwọn èèyàn 100 bá kó eku 7 tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí oníkálukú fi ọ̀nà kan náà fa ààlà tiẹ̀, ó yẹ kí bíi 95 nínú wọn mú mídíánì òótọ́ sínú ààlà, kí 5 péré pàdánù ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán ìlérí yẹn wò. Ohun tí ọ̀nà yìí ṣe fún wa, tí ẹ bá wò ó dáadáa, ni pé ó mú eku kejì láti ìsàlẹ̀ (23) àti eku kejì láti òkè (141). Kì í ṣe torí pé nọ́ńbà yẹn jẹ́ 23 o, ìpín tí mo kà lẹ́ẹ̀kan ò wo ohun tí wọ́n kọ sórí bébà, ipò bébà nìkan ló ń wò, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà 7 tó yàtọ̀ síra tó sì fi ọ̀nà yìí ṣe mídíánì, ẹni kejì láti ìsàlẹ̀ àti ẹni kejì láti òkè ló máa gbà, bó ti wù kí détà ẹ̀ rí.

Ó dáa, ìgbà wo ni mídíánì òótọ́ máa bọ́ síta ààlà yẹn? Mídíánì òótọ́ túmọ̀ sí pé ìdajì eku ayé wà lábẹ́ ẹ̀, ìdajì wà lókè ẹ̀. Nítorí náà eku kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kó dà bí ẹni da owó ẹyọ, orí tàbí ìrù, ó bọ́ sábẹ́ mídíánì tàbí ó bọ́ sókè. Eku 7, owó ẹyọ 7, ọ̀nà tó lè gbà bọ́ jẹ́ 128. Tí gbogbo eku 7 bá bọ́ sókè mídíánì òótọ́, eku kejì láti ìsàlẹ̀ náà á wà lókè ẹ̀, ààlà ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà 1 ni ìyẹn lè gbà ṣẹlẹ̀. Tí eku kan ṣoṣo bá bọ́ sábẹ́ tí 6 bọ́ sókè, eku kejì ṣì wà lókè ẹ̀ síbẹ̀, ó tún pàdánù, ọ̀nà 7 ló lè gbà ṣẹlẹ̀ torí èyíkéyìí nínú eku 7 lè jẹ́ ẹni tó bọ́ sábẹ́. Ọ̀nà 8 nìyẹn. Lápá kejì náà, ọ̀nà 8. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 16 nínú 128, ìyẹn 12.5 nínú 100.

Ààlà tí wọ́n pè ní 95, 87.5 ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 ló máa pàdánù, ẹ̀ẹ̀kan nínú 8 ni. Kò sì sí ẹni tó ṣi nǹkan kan ṣe, kóòdù tọ̀nà, rírọ́ọ̀nù pọ̀ tó, ọ̀nà náà gan-an ni kò lè mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ pẹ̀lú eku 7. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò èyí fúnra mi, mo fi bírò sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́, torí mo ti fi irú ààlà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rí, mo sì sọ fún wọn pé 95 ni.

Ẹ lè ní ṣé a ò lè kúkú gba 16 sí 197, láti eku tó kéré jù dé èyí tó pẹ́ jù? A lè gbà á. Ìyẹn á pàdánù ìgbà tí gbogbo eku bá bọ́ sápá kan ṣoṣo, ọ̀nà 2 nínú 128, torí náà ó ń mú mídíánì òótọ́ ní ìgbà 98.4 nínú 100. Nígbà tí ẹ bá ń yan ẹni tó wà ní ipò kan náà lápá méjèèjì, 87.5 ni àbí 98.4, kò sí nǹkan kan láàrin. Èrò tèmi ni pé 16 sí 197 ló yẹ kéèyàn kọ tó bá ti ṣèlérí 95, bó tilẹ̀ gbòòrò débi pé ojú ń tini, torí ohun tí eku 7 mọ̀ náà ló mọ̀ yẹn.

Kí ló wá ń mú kí búùtùsíràpù fún ààlà tó tín-ín-rín jù tí sáńpù bá kéré? Ohun àkọ́kọ́ ni pé inú abọ́ ò ju inú abọ́ lọ. Kò sí bébà tó kéré ju 16 lọ níbẹ̀, kò sí èyí tó ju 197 lọ, bẹ́ẹ̀ eku wà níta ayé tó máa lo ọjọ́ 5 àti èyí tó máa lo ọjọ́ 260. Sáńpù kékeré kì í sábà mú àwọn tó wà ní ìgbẹ̀yìn ayé yẹn, búùtùsíràpù sì gbà pé wọn ò sí rárá. Ẹ lè rí i kedere lára áfírééjì níbi tí a ti ní fọ́múlà láti fi wé e: fọ́múlà ní 25.24, búùtùsíràpù á ní 23.36, ó fi bíi 7 nínú 100 dín in kù. Tó bá jẹ́ eku 100 ni, àyè tó wà láàrin méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn.

Ohun kejì le díẹ̀ láti rí. Bí mídíánì ṣe ń yẹ̀ nínú abọ́ ti dúró lé eku 7 tó ṣèèṣì bọ́ sí wa lọ́wọ́, tí wọ́n bá ṣèèṣì sún mọ́ra, abọ́ náà á rò pé ayé sún mọ́ra bẹ́ẹ̀, ààlà á kéré, á sì máa ṣe bí ẹni pé ó dá a lójú. Nínú fọ́múlà áfírééjì, wọ́n mọ àìsàn yìí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ 25.24 yẹn di ìlọ́po 2.447 dípò ìlọ́po 1.96 láti fa ààlà 95 tó bá jẹ́ eku 7. Gígé ìdá 2.5 tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn ò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nínú.

Àwọn kan á ní ká lo BCa, irú búùtùsíràpù mìíràn, òun náà sì ni `scipy.stats.bootstrap` máa ń lò tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún un. Efron ló ṣe ìyẹn náà. Ó ń ṣe àtúnṣe fún détà tó fì sápá kan àti fún ìṣirò tó ń yẹ̀ sápá kan, ó sì dáa, mo máa ń lò ó fún détà tó tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń sún ibi tí ọ̀bẹ máa gé lọ, dípò 2.5 ó lè gé 1 tàbí 4, inú bébà 7 kan náà ló ṣì ń gé, kò sì lè dé òkè 197 láéláé. Fún mídíánì gan-an, apá kan nínú ìṣirò ẹ̀ ń yọ eku kan kan kúrò láti wo bí mídíánì ṣe yí, mídíánì sì burú nídìí irú ìdánwò yẹn: ẹ yọ èyíkéyìí nínú àwọn 3 tó kéré, ó di 96.5, ẹ yọ èyíkéyìí nínú àwọn 3 tó pẹ́, ó di 66, ẹ yọ 94 fúnra ẹ̀, ó di 68.5, nọ́ńbà 3 péré, kí lẹ fẹ́ rí kọ́ nínú ìyẹn?

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi búùtùsíràpù yìí ṣe rárá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tó pẹ́ jù tí eku lè lò, 197 náà ló máa máa jáde ní ìgbà 66 nínú 100, ìgbà tó kù á kéré jù ú lọ, kò sí ìgbà kankan tó máa ju ú lọ, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé òótọ́ kò lè kéré sí 197. Tí ẹ bá rí i pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń gba ju ìdajì gbogbo rírọ́ọ̀nù lọ, ẹ dúró, ẹ má fa ààlà kankan. Ẹ máa ya àwòrán àwọn nọ́ńbà tó jáde kí ẹ tó wo ààlà, tí ẹ bá rí òpó 5 tàbí 7 tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dípò òkìtì kan tó rọra ga tó rọra wálẹ̀, sáńpù yín ti sọ fún yín pé òun kéré jù fún ohun tí ẹ ń béèrè nìyẹn.

Àbúrò mi tún béèrè nípa eku 9 tí wọn ò tọ́jú, torí ìbéèrè gidi ni pé ṣé ìtọ́jú yẹn ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn lo ọjọ́ 52, 104, 146, 10, 51, 30, 40, 27, 46, mídíánì wọn jẹ́ 46, ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì jẹ́ ọjọ́ 48. Abọ́ méjì lẹ máa lò níbí, ẹ má da wọ́n pọ̀, 7 látinú abọ́ tiwọn, 9 látinú abọ́ tiwọn, ẹ yọ mídíánì kan kúrò nínú èkejì, ẹ tún un ṣe. Ìyàtọ̀ yẹn á máa yẹ̀ ní bíi ọjọ́ 40, ààlà ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti -29 dé 101, tí ẹ bá sì tún rọ́ọ̀nù ẹ̀, apá òkè lè fò láti 101 sí 111 láìsí ohun tó yí, torí kò sí nọ́ńbà kankan láàrin méjèèjì tó lè jáde. 0 wà nínú ẹ̀ dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti mọ̀ pé ààlà yìí máa ń tín-ín-rín jù, ó ti di dandan pé a ò lè fi mídíánì eku wọ̀nyí sọ pé ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́, a ò sì lè sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Fún mídíánì, owó ẹyọ 7 ló gbà wá, a rí òótọ́ 87.5 yẹn lórí bébà lásán. Fún ìyàtọ̀ mídíánì méjì, tàbí fún èyí tó jẹ́ mídíánì kan pín sí èkejì, tàbí irú nǹkan tí àwọn èèyàn ń dá sílẹ̀ fúnra wọn, kò sí owó ẹyọ kankan tó máa gbani. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń dá ayé kan sílẹ̀ tí mo mọ òótọ́ inú ẹ̀, kí n wá wò ó bí ọ̀nà náà ṣe ń mú òótọ́ yẹn tó:

```python
otito = np.log(2)
gba = 0
for _ in range(1000):
    x = rng.exponential(size=7)
    m = np.median(rng.choice(x, size=(2000, 7)), axis=1)
    a, b = np.quantile(m, [0.025, 0.975])
    gba += a <= otito <= b
print(gba / 1000)
```

Nínú ayé `exponential` yìí, mídíánì òótọ́ jẹ́ `np.log(2)`, ìyẹn bíi 0.693, kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀. A kó eku 7 látinú ẹ̀ ní ìgbà 1,000, a fa ààlà ní gbogbo ìgbà, a ka iye ìgbà tí òótọ́ bọ́ sínú ẹ̀. Nọ́ńbà tó máa jáde á wà ní àyíká 0.875, ó lè fi 0.01 tàbí 0.02 yẹ̀. Ẹ yí `exponential` padà sí ayé mìíràn, kí ẹ sì yí `otito` padà sí mídíánì ayé yẹn, fún mídíánì 7 ó ṣì máa jẹ́ bíi 0.875. Tó bá jẹ́ ìṣirò mìíràn lẹ̀ ń ṣe, ẹ gbé tiyín sí ipò `np.median`, ẹ fi iye détà yín sí ipò 7, ẹ lo ayé 2 tàbí 3 tó jọ détà yín, ọ̀kan tó fì sápá kan, ọ̀kan tó dọ́gba, kí ẹ rí bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń jábọ́ sí nísàlẹ̀ 0.95.

Àbúrò mi rọ́ọ̀nù ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde sí 0.871. Nínú iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, ó kọ 23 sí 141, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé eku 7 ni, pé ààlà yìí ń mú òótọ́ ní ìgbà 87.5 nínú 100, àti pé ẹni tó bá fẹ́ 95 kó lo 16 sí 197.